Ẹ̀bùn ẹbí àti ojú ìjọba: ìgbà wo ni wọ́n ń gba owó orí, ìgbà wo ni wọ́n ń mójú kúrò?

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí mo bá wọn jókòó sí nílùú Jọ́ọ̀sì, bàbá àgbà kan dìde nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ tó bá kù. Bàbá ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù. Ní báyìí, ó fẹ́ fi £30,000 ránṣẹ́ ká fi parí ilé tá a bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn kan ní ìjọba Nàìjíríà yóò gba tiwọn nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbà á. Èwo ni kí n gbọ́ níbẹ̀?"

Ni ilé bá dàrú. Ẹnì kan ní kí bàbá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó kọ ọ́ sí ìwé bánkì pé ẹ̀bùn ni, pé bí kò bá kọ ọ́, owó ti lọ nìyẹn. Ẹlòmíràn ní bí ọmọ náà bá ti lè lo ọdún méje láyé lẹ́yìn tó fi owó náà ránṣẹ́, kò sẹ́ni tí yóò bi í. Obìnrin kan bínú, ó ní kí ló kan ìjọba nínú owó tí ọmọ fún bàbá rẹ̀, ṣé ìjọba ló bá wọn bí i ni?

Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ló wọ̀ mí lára jù, nítorí pé òun gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Kí ló kan ìjọba nínú ohun tí ẹbí fún ẹbí? Èéṣe tí ìjọba kan yóò fi gbà á, tí èkejì yóò sì ṣe bí ẹni tí kò rí i? Mo lọ wádìí rẹ̀ dáadáa, mo sì rí i pé ohun kan ṣoṣo ló ń sọ èyí tí ìjọba máa ṣe, ohun náà sì ni ogún.

Oníbodè àti ọ̀nà ẹ̀bùrú

Ẹ jẹ́ ká rántí àwọn oníbodè ayé àtijọ́, àwọn tó ń gba owó ẹnu ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó bá fẹ́ wọ̀lú. Bí oníbodè bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ńlá, tí ọ̀nà ẹ̀bùrú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, ìgbà wo ni àwọn oníṣòwò máa mọ̀? Ọjọ́ kejì náà ni. Bó bá di ọjọ́ kẹta, oníbodè nìkan ni yóò kù lẹ́nu ibodè, gbogbo ẹrù ti gba ẹ̀bùrú wọ̀lú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ogún àti ẹ̀bùn rí. Ìjọba tó bá ń gba owó orí lórí ohun tí òkú fi sílẹ̀ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n olówó ọlọ́gbọ́n kò ní dúró dìgbà tó bá kú. Yóò pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, yóò pín ilé àti owó fún wọn lójú ayé, tó bá sì di ọjọ́ ikú, kò sóhun tó kù tí ìjọba máa gbà. Owó orí ẹ̀bùn ni oníbodè kejì tí wọ́n fi ṣọ́ ọ̀nà ẹ̀bùrú. Kì í ṣe pé ìjọba kórìíra kí bàbá ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ. Ẹnu ibodè rẹ̀ ló ń dáàbò bò.

Bí ìjọba kò bá ní ibodè rárá, ṣé ó nídìí láti ṣọ́ ẹ̀bùrú? Kò sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé níbi tí wọ́n bá ti pa owó orí ogún rẹ́, owó orí ẹ̀bùn sábà máa ń bá a lọ. Ìjọba àpapọ̀ Kánádà fòpin sí méjèèjì pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972. Ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1979. Súwídìn pa méjèèjì rẹ́ lọ́jọ́ kan náà ní ìparí 2004. Bí ìbejì ni wọ́n rí.

Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lé ẹ̀bùn kiri fún ọgọ́rùn-ún ọdún

Kò síbi tí eré lílé yìí ti hàn kedere tó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má ṣe jẹ́ ká fò ó, torí ibẹ̀ ni ọdún méje tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dárúkọ ti wá.

Ní 1881, òfin wọn ní ẹ̀bùn tí ènìyàn bá fi sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta kó tó kú kò yàtọ̀ sí ogún, wọ́n máa gba owó lórí rẹ̀. Àwọn olówó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè ń pín ohun ìní wọn kí àìsàn tó wọlé. Ní 1889, ìjọba sọ oṣù mẹ́ta di ọdún kan. Ní 1894 ni Wílíámù Hákọ́ọ̀tù, ẹni tó ń ṣètò owó ìjọba nígbà náà, gbé owó orí ńlá lé orí ohun ìní olóògbé. Ọmọ Hákọ́ọ̀tù yìí, tó wá di mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ni wọ́n sọ ìlú Pọ́tákọ́ọ̀tù wa lórúkọ. Bí owó orí ogún ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń tètè fún ọmọ lóhun ìní, tí ìjọba náà sì ń fa okùn rẹ̀ gùn: ọdún kan di mẹ́ta ní 1910, mẹ́ta di márùn-ún ní 1946, márùn-ún di méje ní 1968.

Nígbà tó di 1975, wọ́n ní okùn tí wọ́n ń fà náà ti sú wọn. Wọ́n ṣe òfin tuntun tó ní gbogbo ẹ̀bùn ńlá tí ènìyàn bá ṣe látọjọ́ náà lọ títí tí yóò fi kú ni wọn yóò máa kà pọ̀ mọ́ ogún rẹ̀. Òfin yìí kò tọ́jọ́. Ní 1986, wọ́n padà sí ọdún méje, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di òní.

Òfin 1975 yìí kàn wá, nítorí pé kò pẹ́ tí Nàìjíríà fi ṣe irú rẹ̀. Ìjọba ológun gbé òfin owó orí lórí ohun ìní tó bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kalẹ̀ ní 1979. Òfin kan ṣoṣo ló mú ẹ̀bùn ojú ayé àti ogún òkú pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rò ó wò: ilé mélòó ló níwèé lórílẹ̀-èdè yìí lọ́dún náà? Ìdílé mélòó ló ń lọ sí kóòtù kí wọ́n tó pín ogún? Nínú pálọ̀ olórí ẹbí ni wọ́n ti ń pín in, lójú àwọn àgbààgbà, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan níjòókòó. Ohun tí ojú oníbodè kò bá rí, kò lè gba owó lórí rẹ̀. Wọ́n fagi lé òfin náà ní 1996. Látìgbà náà, Nàìjíríà kò ní owó orí ogún, nítorí náà kò nídìí láti gba owó orí ẹ̀bùn.

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ buwọ́ lù ní 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, kò yí èyí padà. Ẹ̀bùn wà lára ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀bùn tòótọ́ ni mo ní o. Bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá san owó iṣẹ́ fún yín tó sì pè é ní ẹ̀bùn, owó iṣẹ́ náà ló ń jẹ́, owó orí sì wà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kíkọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn sí ìwé bánkì kò lè sọ owó ọjà di ẹ̀bùn, àìkọ ọ́ kò sì lè sọ owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ di owó ọjà. Ohun tí owó náà jẹ́ gan-an ni òfin ń wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi owó ẹ̀bùn kọ́lé tí ẹ sì fi ilé náà gba owó háyà, owó háyà yẹn jẹ́ owó tó wọlé fún yín, òun sì ní owó orí tirẹ̀.

Èyí tí wọ́n mójú kúrò níbẹ̀

Ìlú tó ṣọ́ ẹ̀bùrú pàápàá kì í dá gbogbo ènìyàn tó bá gbabẹ̀ dúró. Ìyàtọ̀ wà láàárín owó oúnjẹ àti ohun ìní. Owó tí ọmọ fi ń ra oògùn fún ìyá rẹ̀ kì í ṣe ogún tó ń sá fún owó orí. Jíjẹ ni wọ́n máa jẹ ẹ́, yóò sì tán. Bí ìjọba bá ní kí gbogbo ìdílé máa kọ irú èyí sílẹ̀, owó tí wọn yóò san fún àwọn akọ̀wé yóò ju èyí tí wọ́n bá rí gbà lọ.

Nítorí náà, òfin Gẹ̀ẹ́sì mójú kúrò lára ohun tí tọkọtaya tí wọ́n jọ ń gbé níbẹ̀ bá fún ara wọn. Ó mójú kúrò lára £3,000 lọ́dún kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń ta ọrẹ, àti £5,000 tí òbí kan bá fún ọmọ rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó. Èyí tó kan ọ̀pọ̀ nínú wa jù ni ti owó tí ènìyàn ń mú nínú owó oṣù rẹ̀ fún ẹbí. Bó bá ti jẹ́ pé inú owó tó ń wọlé fún un ló ti ń mú un, tó jẹ́ àṣà rẹ̀ láti máa fi ránṣẹ́, tí kò sì mú kí ìgbé ayé tirẹ̀ lọ sílẹ̀, òfin kò kà á rárá, bó ti wù kó pọ̀ tó. Kò sí ọdún méje nínú tìyẹn.

Amẹ́ríkà náà ní ètò tirẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ owó orí ogún ní 1916, àwọn olówó gba ẹ̀bùrú, wọ́n gbé owó orí ẹ̀bùn kalẹ̀ ní 1924, wọ́n pa á rẹ́ ní 1926, wọ́n tún dá a padà ní 1932. Ní 1976 ni wọ́n wá so méjèèjì mọ́ ìwé ìṣirò kan ṣoṣo. Lónìí, ẹni tó wà níbẹ̀ lè fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ní $19,000 lọ́dún láìsọ fún ìjọba. Èyí tó bá lé, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìjọba, wọn yóò sì yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó lè fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó bá kú. Láti 2026, mílíọ̀nù 15 dọ́là ni ààlà yẹn, torí náà, àkọsílẹ̀ lásán ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó wà níbẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni ààlà rẹ̀ kéré tó sì ń mú àwọn tí kì í ṣe olówó ńlá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Láti 2009 ni ààlà Gẹ̀ẹ́sì ti wà lórí £325,000, bí owó ilé ṣe ń gbówó lórí tó ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò gbé e sókè. Ohun tó bá lé lórí rẹ̀, ìdá 40 nínú 100 ni wọ́n ń gbà. Bí ènìyàn bá fi ilé tó ń gbé sílẹ̀ fún ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọ́n tún fi £175,000 kún ààlà náà, ṣùgbọ́n ogún nìkan ni àfikún yẹn wà fún, kò sí fún ẹ̀bùn ojú ayé.

Mo fẹ́ ká ṣe àpẹẹrẹ kan. Kì í ṣe ìtàn ẹnikẹ́ni, mo kàn gbé e kalẹ̀ ká lè rí bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Ìyá kan ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù, òun àti ọkọ rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀, ọmọkùnrin kan ló bí. Ilé méjì ló ní níbẹ̀. Ní oṣù kẹta 2021, ó ta ọ̀kan, ó sì kó £400,000 fún ọmọ rẹ̀ kó fi ra ilé tirẹ̀. Lójú gbogbo wọn, ẹ̀bùn tán, ọ̀rọ̀ tán. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìyá jáde láyé. Ohun tó kù fún un ni ilé tó ń gbé, tó tó £300,000, àti ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n díye lé ní £50,000. Ọmọ kan náà ló jogún gbogbo rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ ni ìyá lò lẹ́yìn ẹ̀bùn náà, kò pé méje. Nítorí náà, wọ́n dá ẹ̀bùn padà sínú ìṣirò, ẹ̀bùn ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé lé orí ààlà. £400,000 gbé £325,000 náà mì tán, ó ku £75,000. Bí kò bá tó ọdún mẹ́ta ni, ìdá 40 ni wọn ì bá gbà. Ṣùgbọ́n owó orí náà ń dín kù láti ọdún kẹta lọ: láàárín ọdún kẹrin sí ìkarùn-ún, ìdá 24 ni. Ìdá 24 nínú £75,000 jẹ́ £18,000. Ẹ wá gbọ́ ta ni yóò san án: ọmọ tó gba ẹ̀bùn ni. Owó yẹn ti di bíríkì àti páànù, síbẹ̀ òun ni wọ́n kọ̀wé sí. Ì báà jẹ́ Jọ́ọ̀sì ló ń gbé, orí rẹ̀ náà ni gbèsè yẹn wà, bí kò bá sì san án, ìjọba lè yíjú sí àwọn tó ń bójú tó ohun tí olóògbé fi sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ wo ogún tó kù: £300,000 àti £50,000, àpapọ̀ rẹ̀ £350,000. Ẹ̀bùn ti jẹ ààlà tán, kò ku nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Àfikún £175,000 tó wà fún ilé ni wọ́n rí yọ, ó ku £175,000 tí wọ́n gba ìdá 40 lórí rẹ̀, ìyẹn £70,000. Ẹ fi £18,000 kún un, gbogbo rẹ̀ di £88,000.

Ká ní ìyá yẹn lo ọdún méje pé, títí di oṣù kẹta 2028 ńkọ́? Ẹ̀bùn yóò bọ́ kúrò nínú ìṣirò, ààlà yóò padà wá pé £325,000, àfikún yóò sọ ọ́ di £500,000, gbogbo ogún rẹ̀ kò sì ju £350,000 lọ. Kọ́bọ̀ kan kò ní jáde. £88,000 ló wà láàárín ọdún mẹ́rin àti ọdún méje. Ẹ sì kíyè sí i pé kì í ṣe owó orí tó wà lórí ẹ̀bùn ló pọ̀ jù. Ààlà tí ẹ̀bùn jẹ tán ló fi ogún síta gbangba. Ẹni tó bá sọ fún yín pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ọ̀rọ̀ ti rọ̀, ẹ bi í léèrè pé ṣé lórí ẹ̀bùn ni àbí lórí ogún.

Ẹ ó ti rí i pé ilé Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú ìṣirò yẹn. Tẹ́lẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ wádìí ibi tí ènìyàn ka sí ilé rẹ̀ gan-an, ẹni tó bá sì fi hàn pé Nàìjíríà lòun ń padà sí lè yọ ilé tó kọ́ síbí. Láti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin 2025, wọ́n ti pa ìyẹn tì. Ẹni tó bá ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́wàá nínú ogún ọdún tó kọjá, gbogbo ohun tó ní káàkiri ayé ni wọn yóò kà, títí kan ilé Ògbómọ̀ṣọ́ àti ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì.

Ẹ̀bùn tí ọwọ́ kò tíì kúrò lára rẹ̀

Ọ̀nà mìíràn tí àwọn èèyàn wa ń gbà ṣì í ni pé kí ìyá kọ orúkọ ọmọ sára ìwé ilé, kí ìyá sì máa gbé inú ilé náà lọ láìsan kọ́bọ̀. Lójú wa, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ta ni yóò lé ìyá rẹ̀ jáde? Ṣùgbọ́n òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1986 ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bùn. Bí ìyá bá lo ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, tó sì jẹ́ pé inú ilé yẹn náà ló kú sí, wọ́n máa ka ilé náà bí ẹni pé òun ló ni ín. Àfi bó bá ń san owó háyà tó bá ti ọjà mu fún ọmọ rẹ̀, tí àkọsílẹ̀ sì wà.

Kò yẹ kí èyí ya àwa tá a ń gbé ìhà Òkè Ọya lẹ́nu. Ẹ bi àwọn alùfáà tó mọ òfin Máálíkì tí wọ́n ń lò ní àwọn kóòtù Ṣàríà níhìn-ín. Wọn yóò sọ fún yín pé ẹ̀bùn kò tíì di ẹ̀bùn bí ẹni tí wọ́n fún kò bá tíì gbà á sọ́wọ́ kí olùfúnni tó kú. Wọn yóò tún sọ pé ohun tí ènìyàn bá fi tọrẹ nínú àìsàn tó pa á, bí ohun tó pa láṣẹ kó tó kú ni, kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní rẹ̀ lọ, kò sì lè fi dá ẹnì kan nínú àwọn ajogún lọ́lá ju àwọn yòókù lọ láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i. Kò sí owó orí nínú èyí o. Ìpín àwọn ajogún yòókù ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùrú kan náà ni: ẹni tó rí ikú lọ́ọ̀ọ́kán, tó fẹ́ fi ẹ̀bùn yí ètò ogún padà.

Àṣà Yorùbá náà kò jìnnà síbẹ̀. Ohun tí bàbá bá fún ọmọ lójú ayé, lójú ẹlẹ́rìí, ti kúrò nínú ogún. Bó bá jẹ́ ilé ẹbí, kò tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti fi tọrẹ láìjẹ́ pé ẹbí gbà. Ìjà tó sì máa ń dé lẹ́yìn ìsìnkú kì í ṣe ti ìjọba, ti "Ìgbà wo ni bàbá fún ọ? Ta ló wà níbẹ̀?" ni.

Nílé ńkọ́?

Pé Nàìjíríà kò gba owó orí lórí ẹ̀bùn àti ogún kò túmọ̀ sí pé ẹ kò ní sanwó. Bí ẹ bá fẹ́ fún ọmọ yín ní ilé tó ní ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀, èyí tá à ń pè ní sí-ọ́ọ̀fù-ó, òfin ilẹ̀ ti 1978 ní ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà kó tó yí ọwọ́ padà, ẹ̀bùn ni o, títà ni o. Lọ́yà yóò kọ ìwé ẹ̀bùn, ẹ ó san owó òǹtẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ ó san owó àṣẹ, ẹ ó sì forúkọ ìwé sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá dúró dìgbà ikú, kóòtù gíga ìpínlẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò ti lọ gba ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní, wọn yóò sì san owó tó bá bí ohun ìní náà ṣe tó mu. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, torí náà, ẹ béèrè méjèèjì ní ìpínlẹ̀ tí ilé wà kẹ́ ẹ tó yan ọ̀kan.

Fún àwa tá a jẹ́ àlejò níbi tá a kọ́lé sí, ewu tó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán pọ̀ ju owó wọ̀nyí lọ. Bí bàbá bá ní "mo fún ọ" ní pálọ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìwé títí ó fi kú, àwọn ẹlẹ́rìí ti lè kú, àwọn mìíràn ti lè padà sílé. Ìwé ni yóò sọ̀rọ̀, orúkọ òkú ni yóò sì pè.

Èsì tí mo fún bàbá

Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e, mo jíṣẹ́ fún bàbá. Owó oṣooṣù tí ọmọ ń fi ránṣẹ́, kò sí ìjọba kankan tó kàn, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ inú owó oṣù rẹ̀ ló ti ń mú un. £30,000 náà, Nàìjíríà kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ bàbá nítorí pé ó gbà á. Gẹ̀ẹ́sì yóò kà á sí ẹ̀bùn fún ọdún méje. Bí ọmọ bá sì kú láàárín rẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àfi bí àpapọ̀ gbogbo ẹ̀bùn rẹ̀ àti ohun tó fi sílẹ̀ bá ju ààlà lọ ni owó orí tó lè jáde.

Bàbá béèrè pé bó bá jẹ́ òun lòun fẹ́ fún ọmọ náà lówó ńkọ́. Mo ní bí bàbá bá fún un láti inú owó tó wà nílé níbí, Gẹ̀ẹ́sì kò lè ka ìyẹn sí ẹ̀bùn tó ní owó orí, torí bàbá kò gbé ibẹ̀, ohun ìní náà kò sì sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ra ilé sí Lọ́ńdọ̀nù lórúkọ ara rẹ̀, ilé yẹn wà lábẹ́ òfin wọn, ibi yòówù kí bàbá máa gbé.

Mo wá ní kí wọ́n sọ ohun kan fún ọmọ náà: kó ra ìwé kékeré kan, kó máa kọ iye owó, ọjọ́, ẹni tó fún, àti ibi tó ti mú un, bóyá nínú owó oṣù ni tàbí nínú owó tó ti tọ́jú. Nígbà tí ènìyàn bá kú níbẹ̀, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní IHT403 tí àwọn tó kù gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ẹ̀bùn ọdún méje sí, òpin oṣù kẹfà lẹ́yìn oṣù tí ènìyàn kú sì ni owó orí gbọ́dọ̀ ti wọlé, kí èlé má baà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó fún àwọn èèyàn rẹ̀ ti lọ. Bí kò bá sí ìwé, kò sí bí àwọn tó kù ṣe máa fi hàn pé owó oúnjẹ ni, kì í ṣe ogún.

Obìnrin tó bínú lọ́jọ́sí tún dìde. Ó ní ó ti yé òun báyìí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ló ń dun ìjọba. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun pé bí wọ́n bá máa fún wa, kí wọ́n tètè fún wa." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ ọdún méje náà ni ìyá yẹn sọ.